Kí Ẹ Tó Sanwó, Ẹ Wo Igun Àpamọ́wọ́ Náà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò mi obìnrin fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lórí Wáàsáàpù. Àpamọ́wọ́ awọ kan ni, aláwọ̀ búráùn, tí orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní ilẹ̀ Ítálì wà ní àyà rẹ̀. Ẹni tí ó ń tà á ní ìsọ̀ ní Balógun, ní Erékùṣù Èkó, 420,000 náírà ni ó sì pè é. Ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi kọ sí abẹ́ àwòrán náà kò gùn: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ó ní bí n kò bá fi ìdajì owó ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, òun yóò tà á fún ẹlòmíràn.”

Mo mọ ibi tí owó náà ti wá. Oṣù mẹ́wàá ni ó fi dá àjọ, 42,000 náírà lóṣooṣù, nítorí pé màmá wa yóò pé ọmọ ọgọ́ta ọdún ní oṣù tí ń bọ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí màmá wa fi tajà ní Jànkárà, etí ìró ni ó sì ń di owó rẹ̀ sí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Àbúrò mi pinnu pé ní ọjọ́ ayẹyẹ náà, màmá wa yóò gbé àpamọ́wọ́ tí ó jẹ́ ojúlówó. Nítorí náà, bí wọ́n bá tà á ní ayédèrú, kì í ṣe owó nìkan ni yóò lọ. Mo dá a lóhùn pé kí ó má fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ títí tí a ó fi wo ìrán àpamọ́wọ́ náà dáadáa.

Kí n tó di ẹni tí ń kọ̀wé, mo lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ń rán bẹ́líìtì àti àpamọ́wọ́ ní àdúgbò Ìtá Fájì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. N kò parí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ojú tí ọ̀gá mi là mí kò tíì pa dé. Bí àwọn oníbàárà bá gbé àpamọ́wọ́ wá fún àtúnṣe, ọ̀gá kì í wo orúkọ tí ó wà lára rẹ̀. Yóò yí i dojú dé, yóò fi àtàǹpàkò tẹ igun ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò sì sọ iye tí ó yẹ kí ẹni náà ti rà á. Ìdí tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín lónìí, nítorí pé ènìyàn lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ojú àwòrán, bí àwòrán náà bá jẹ́ èyí tí a yà dáadáa.

Àwọn àwòrán mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn dára lójú, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni a ti yà wọ́n. Mo ní kí àbúrò mi béèrè fún méjì mìíràn. Èkíní ni igun ìsàlẹ̀, kí a yà á nítòsí ní ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé, láìlo iná fóònù, nítorí pé iná fóònù máa ń mú kí awọ dán, kí ihò abẹ́rẹ́ sì farapamọ́. Èkejì ni ìlà ìrán tí ó wà lábẹ́ ìdè ọwọ́ àpamọ́wọ́, kí a gbé káàdì báńkì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a fi bébà bo àwọn nọ́mbà ara káàdì náà. Kí fóònù kọjú sí ìrán náà gbọọrọ, nítorí pé bí a bá yà á ní ẹ̀gbẹ́, àwọn ojú ìrán tí ó jìnnà yóò dà bí ẹni pé wọ́n sún mọ́ra ju bí wọ́n ti rí lọ. Lẹ́yìn náà, kí ó fi wọ́n ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí “Document” lórí Wáàsáàpù, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí àwòrán lásán. Bí a bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwòrán lásán, Wáàsáàpù yóò fún un mọ́lẹ̀ kí ó lè fúyẹ́, àwọn nǹkan kéékèèké tí a ń wá gan-an ni yóò sì kọ́kọ́ parẹ́.

Kí ni a fi káàdì báńkì ṣe? Gbogbo káàdì báńkì ní ayé ni gígùn wọn jẹ́ ọ̀kan náà, mìlímítà 85.6. Òun ni ó di rúlà wa. Ohun tí mo ń pè ní ojú ìrán ni àyè tí ó wà láti ihò abẹ́rẹ́ kan sí èkejì. Bí ojú ìrán kọ̀ọ̀kan bá gùn tó mìlímítà 3, bíi 28 ni ẹ ó kà láti ìbẹ̀rẹ̀ káàdì dé òpin rẹ̀. Bí ó bá gùn tó mìlímítà 4, ẹ ó ka bíi 21. Bí ó bá tó mìlímítà 5, 17 péré ni. Àpamọ́wọ́ awọ tí a ṣe fún àwọn tí ń náwó dáadáa sábà máa ń wà ní ìtòsí mìlímítà 3, nígbà mìíràn ó máa ń kéré sí i díẹ̀. Èyí tí a yára rán fún ọjà pọ́ńbélé sábà máa ń tó mìlímítà 4 tàbí kí ó lé.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí ó bá rán mítà kan ní mìlímítà 4 yóò gún awọ náà ní ìgbà 250. Bí ó bá rán an ní mìlímítà 3, yóò gún un ní ìgbà 333. Àkókò tí ó lò á pọ̀ sí i, òwú tí ó lò náà á pọ̀ sí i. Níbi tí wọ́n ti ń rán ọgọ́rọ̀ọ̀rún àpamọ́wọ́ lójúmọ́, ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé bí ìrán bá ti sún mọ́ra tó ni ó ti dára tó. Bí ihò bá sún mọ́ra jù lórí awọ tí ó fẹ́lẹ́, awọ náà yóò di bíi sítáǹbù ilé ìfìwéránṣẹ́, tí ó ń ya ní ìlà ihò rẹ̀. Awọ tí ó nípọn tí a sì fi òwú ńlá rán lè gba ojú ìrán gígùn láìjẹ́ ayédèrú. Kò sí iye kan tí ó jẹ́ ti ojúlówó nìkan, àní láàárín àpamọ́wọ́ méjì tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe.

Nǹkan kan tún wà tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Wọ́n gbà pé ìrán tí ó tò gbọọrọ bí ìlà ìwé ni ojúlówó, pé èyí tí ó bá dà bí ẹni pé ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ burúkú. Ìyá àgbà kan ní agboolé wa ní Ọ̀bùn Èkó fẹ́ ta àpamọ́wọ́ àtijọ́ kan tí ọmọ rẹ̀ mú bọ̀ láti òkè òkun. Ẹni tí ó wá rà á wo ìrán rẹ̀, ó ní ojú ìrán náà dagun, ó ní ayédèrú ni, ó sì fẹ́ san owó táṣẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìdagun yẹn gan-an lè jẹ́ àmì pé ọwọ́ ènìyàn ni ó rán an.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Òwú méjì ni ẹ̀rọ ìránṣọ ń lò, ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti inú bọ́bìn ní ìsàlẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ara wọn nínú awọ, ojú ìrán sì sábà máa ń nà gbọọrọ. Ṣùgbọ́n ìrán kan wà tí a lè pè ní ìrán gàárì, nítorí pé lára gàárì àti ìjánu ẹṣin ni ó ti gbilẹ̀, irú ìhámọ́ra tí a ń rí lára àwọn ẹṣin Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òwú kan ṣoṣo ni, tí abẹ́rẹ́ kan wà ní ìdí rẹ̀ méjèèjì. Oníṣẹ́ yóò fi irin eléyín lu ihò tí ó dagun sílẹ̀ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ méjèèjì yóò gba inú ihò kan náà kọjá, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì. Nítorí náà ni ojú ìrán náà ṣe ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ilé-iṣẹ́ Hermès ti ìlú Párísì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1837 pẹ̀lú ìjánu ẹṣin, ṣì ń lo ìrán yìí lára àpamọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Bí òwú bá já ní ojú kan, ìyókù kì í tètè tú. Ohun tí ẹ ó máa wò ni pé kí ìdagun náà bá ara wọn mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ọ̀kan bá dagun, tí èkejì nà, tí ẹ̀kẹta tún dojú kọ ibòmíràn, ìyẹn ni iṣẹ́ ọwọ́ burúkú.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ kan fún yín níbí yìí. Kíka ojú ìrán nìkan kò tó. Lára ẹ̀rọ ìránṣọ, ìdarí kékeré kan wà tí a fi ń sọ bí ojú ìrán yóò ṣe gùn tó. Ayédèrú tí ó bá fẹ́ lè yí i láti 4 sí 3, kò sì ní ná an ju àkókò àti òwú lọ. Igun ni kò sí ìdarí fún. Ibẹ̀ ni ọwọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ àti ọwọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ ti ń pínyà.

Ẹ fojú inú wo bébà tí ẹ fẹ́ fi bo ìsàlẹ̀ ife tí ó rí róbótó. Bí ẹ bá ká etí rẹ̀ sí abẹ́, bébà yóò pọ̀ jù ní ibi tí ó ti yí, yóò sì wú. Bákan náà ni awọ ní igun àpamọ́wọ́. Oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fá ẹ̀yìn awọ náà pẹ̀lú ọ̀bẹ títí tí yóò fi fẹ́lẹ́ ní ibi tí ó fẹ́ ká. Lẹ́yìn náà yóò fi irin tín-ín-rín ṣẹ́ ẹ pọ̀ ní ìṣẹ́po kéékèèké, márùn-ún, méje, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí gbogbo wọn yóò tóbi bákan náà, tí wọn yóò sì tàn bí abẹ̀bẹ̀ láti àárín igun. Yóò fi òòlù rọra tẹ́ wọn. Bí ẹ bá wo ìta, igun náà yóò dán, yóò sì rọra yí. Ẹni tí kò ní àkókò kò ní fá awọ náà. Yóò ká a ní ìṣẹ́po ńlá méjì tàbí mẹ́ta, yóò kó gúlùù sí i, yóò sì fi agbára lù ú. Nínú àwòrán, ẹ ó rí i pé igun náà wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí ehín ń dùn, tàbí kí ìlà kan là á gba àárín.

Ìrán náà yóò sọ ti ẹnu rẹ̀ ní igun. Ẹni tí ó mọṣẹ́ máa ń dẹ eré ẹ̀rọ bí ó bá dé ibẹ̀. Yóò fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú awọ, yóò gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè, yóò yí àpamọ́wọ́ díẹ̀, yóò sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀, yóò tún rán ojú kan sí i. Nítorí náà ojú ìrán ní igun kì í gùn ju ti ibi tí ó nà lọ, àyè tí ó wà láàárín ìrán àti etí awọ kì í sì yí padà. Ẹni tí ń sáré yóò yí i láìdúró. Ojú ìrán méjì tàbí mẹ́ta yóò gùn lójijì, ìlà náà yóò sún mọ́ etí tàbí kí ó jìnnà sí i, nígbà mìíràn ihò kan yóò ṣófo láìsí òwú nínú rẹ̀ nítorí pé abẹ́rẹ́ gún un ṣì.

Bí etí awọ bá jẹ́ èyí tí a gé tí a kò ká, ẹ wo ọ̀dà tí a fi kùn ún. Ọ̀dà tí ó dára jẹ́ ìpele fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ púpọ̀, tí a fi sáńpépà ha lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà tí a dà lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa ń kóra jọ ní igun bí ìkán omi, ó sì máa ń ṣàn kọjá sí ojú awọ. Ibẹ̀ náà ni ó ti ń kọ́kọ́ sán.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àbúrò mi. Ní nǹkan bí wákàtí kan, ọ̀gbẹ́ni ọlọ́jà náà fi àwòrán méjì tí a béèrè ránṣẹ́. Mo gbé káàdì inú àwòrán náà wò, mo sì ka ojú ìrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n jẹ́ 21. Mo sọ fún ara mi pé ìyẹn nìkan kò tó láti dá a lẹ́bi. Nígbà náà ni mo rántí ohun kan tí kò nílò rúlà rárá. Láti igun òkè àpamọ́wọ́ náà dé ibi tí awọ ìdè ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀, àyè kan ṣoṣo ni, kò sì lè yí padà. Nínú àwòrán àkọ́kọ́ tí ó fi polówó ọjà, mo fẹ ibẹ̀ lójú, mo sì ka ojú ìrán 23. Nínú àwòrán tuntun, ibẹ̀ kan náà jẹ́ 17. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ìrán kì í dín kù láàárín ọ̀sán àti alẹ́. Àpamọ́wọ́ méjì ni a ń wò.

Mo wá fi igun méjèèjì wéra. Nínú àwòrán ìpolówó, ìṣẹ́po méje tàn bí abẹ̀bẹ̀. Nínú èyí tí ó wà ní ìsọ̀, ìṣẹ́po mẹ́ta tí ó nípọn ni, ọ̀kan gun orí èkejì. Ojú ìrán méjì ní ibi tí ó ti yí gùn ju àwọn ìyókù lọ kedere, ọ̀dà sì kóra jọ ní góńgó etí ọwọ́ rẹ̀. Mo kọ̀wé sí àbúrò mi pé: “Má san án.” Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

Ní ọjọ́ Ajé, a jọ lọ sí Balógun. N kò lọ bá ọkùnrin náà jà. Mo fi àwòrán méjèèjì hàn án lórí fóònù mi, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí òun náà ka ojú ìrán. Ó kà á, ó tún kà á, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní, “Àǹtí, bí ẹni tí mo ti rà á ṣe fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí mi nìyẹn. Èmi náà ti sanwó.” Mo gbé àpamọ́wọ́ náà, mo tẹ igun rẹ̀ bí ọ̀gá mi ti máa ń ṣe, ó sì le gbagidi lábẹ́ àtàǹpàkò mi, gúlùù gbígbẹ ni. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó yọ àwòrán ìpolówó náà kúrò kí a tó kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí ọgbọ́n yìí mọ. Àwòrán lè sọ fún yín pé “má rà á,” kò lè sọ fún yín láé pé “ojúlówó ni.” Àwọn ayédèrú kan wà tí ọwọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ dáadáa ni ó ṣe wọ́n, igun wọn dán, ojú ìrán wọn pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpamọ́wọ́ àlòkù lè jẹ́ ojúlówó kí igun rẹ̀ sì ti hó, tàbí kí ẹnì kan ti tún ìdí rẹ̀ rán pẹ̀lú òwú mìíràn. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ béèrè fún. Ohun tí ìlò bá bàjẹ́ máa ń wà ní igun kan tàbí méjì, ohun tí ọwọ́ oníṣẹ́ bá bàjẹ́ sì sábà máa ń wà ní gbogbo wọn. Bí ọlọ́jà bá sì kọ̀ láti ya igun ọjà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kò nílò láti ka ohunkóhun mọ́.

Àbúrò mi ra àpamọ́wọ́ mìíràn lọ́wọ́ oníṣẹ́ awọ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbẹ̀. Kò ní orúkọ kankan ní àyà. 85,000 náírà ni, ojú ìrán rẹ̀ jẹ́ 27 lára káàdì báńkì, igun rẹ̀ sì yí bí ẹyin. Ní ọjọ́ ayẹyẹ, màmá wa yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó fi ìka gba igun rẹ̀ kọjá bí ẹni tí ń wo aṣọ ní ọjà. Lẹ́yìn náà ni ó tú etí ìró rẹ̀, ó kó owó tí wọ́n ná fún un sínú àpamọ́wọ́ náà, ó sì fa síìpù rẹ̀ dé.